Iye owó ìpín kan kọ́ ni iye ilé-iṣẹ́

Ìsọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ta gàárì ní ọjà Ìpàta ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ na fóònù sí i pé, "Ẹ wò ó, Ìyá, ìpín yín ti di náírà 48!" Ìpín tó ní nínú ilé-iṣẹ́ TRANSCORP ni. Ohun tí Alhájà mọ̀ kẹ́yìn ni pé nǹkan bíi náírà 12 ni wọ́n ń tà á, ó sì mọ̀ pé òun ní 8,000 níbẹ̀. Ó gbé kóńgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀ tó ka owó tán, ó ti fọkàn ṣe ìṣirò: 8,000 lọ́nà 48, ẹgbẹ̀rún 384 náírà. Ó ní òun á pààrọ̀ páànù ilé kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò rí ìwé kankan gbà lọ́dọ̀ alágbàtà rẹ̀. Ó ní ọ̀kan dé lóòótọ́. Ó wà nínú báàgì, ó ká a pọ̀ mọ́ káàdì ilé ìwòsàn, kò tí ì ṣí i. Èmi ni mo ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìpín Alhájà kì í ṣe 8,000 mọ́, ó ti di 2,000.

"Fóònù yẹn parọ́ nìyẹn," ó wí.

Fóònù kò parọ́. 2,000 lọ́nà 48 jẹ́ ẹgbẹ̀rún 96 náírà. 8,000 lọ́nà 12 náà, ẹgbẹ̀rún 96 ni. Alhájà kò pàdánù kọ́bọ̀ kan, kò sì jèrè kọ́bọ̀ kan. Páànù ọjọ́sí ṣì wà lórí ilé.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì alágbàtà ìpín kan níhìn-ín ní Ìlọrin, mo sì lè sọ pé kò sí ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀ tó èyí. Tíṣà ni o, alábẹ́rẹ́ ni o, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni o, bí wọ́n bá ti rí iye owó ìpín kan, wọ́n á rò pé iye ilé-iṣẹ́ làwọn rí yẹn. Ohun méjì ni. Ìkíní ni iye tí wọ́n ń ta ìpín ẹyọ kan. Ìkejì ni iye tí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ lójú ọjà, èyí tí àwọn alágbàtà ń pè ní mákẹ́ẹ̀tì káàpù. Èmi á máa pè é ní iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà.

Níbi tí a jókòó sí yẹn, gàárì ló wà níwájú wa, gàárì náà ni mo sì fi ṣàlàyé fún un. Ká ní àpò gàárì kan ló kù nínú ìsọ̀. Alhájà lè fi kóńgò wọ̀n ọ́n, ó sì lè fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Bó bá lo agolo, owó òṣùwọ̀n kan á kéré, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó máa jáde nínú àpò á pọ̀ rẹpẹtẹ. Bó bá lo kóńgò, owó òṣùwọ̀n kan á ga, òṣùwọ̀n á sì dín kù. Àpò gàárì yẹn kò sanra sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò rù. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé ìsọ̀ Alhájà lówó ju ti ìyá kejì lọ nítorí pé kóńgò ni Alhájà ń lò, tí ìyá kejì ń lo agolo, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín in ní Ìpàta.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ìpín gan-an nìyẹn. Ní ọjà gàárì, ó ṣì sàn, nítorí gbogbo wa mọ bí kóńgò ṣe tóbi tó. Ní ọjà ìpín, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń rọ òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀kan lè pín ara rẹ̀ sí ìpín mílíọ̀nù 800, èkejì lè pín ara rẹ̀ sí bílíọ̀nù 40, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n bára dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé owó ìpín ilé-iṣẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òmíràn láìmọ iye ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, agolo lẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò yẹn.

Ìṣirò tó so méjèèjì pọ̀ kò ju ìlà kan lọ:

```
iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà = owó ìpín kan × gbogbo ìpín tó wà níta
```

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ méjì tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò. Mo máa kọ orúkọ wọn bí ẹ ó ṣe rí i lójú fóònù nínú àkọsílẹ̀ ọjà ìpín wa, NGX. Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, ìpín kan NESTLE, àwọn tó ń ṣe Máàgì àti Máílò, wà ní nǹkan bíi náírà 1,100. Ìpín kan ZENITHBANK wà ní nǹkan bíi náírà 38 àti kọ́bọ̀ 65. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní ilé-iṣẹ́ Máílò ló tóbi jù, ó sì fi ìlọ́po tó sún mọ́ 30 ju báńkì lọ.

Ṣùgbọ́n ìpín tí NESTLE ní níta kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 793 lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,100, ẹ ó rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 872 náírà. ZENITHBANK ní ìpín bílíọ̀nù 31.4 nígbà náà. Ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po 38 àti kọ́bọ̀ 65, ó lé ní tírílíọ̀nù kan àti bílíọ̀nù 200 náírà. Báńkì tí owó ìpín rẹ̀ kò tó 40 náírà ló tóbi jù lójú ọjà. Kóńgò ni NESTLE fi ń wọn tirẹ̀, agolo ni ZENITHBANK fi ń wọ̀n.

Ó yá, ká padà sórí ọ̀rọ̀ Alhájà. Ohun tí TRANSCORP ṣe ní ọdún 2024 ni pé ó kó ìpín rẹ̀ jọ, ó sọ mẹ́rin di ọ̀kan. Ìpín tó ní níta tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 40.65, lẹ́yìn náà ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.16. Ẹ fi náírà 12 sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀, bílíọ̀nù 488 náírà ni. Ẹ fi náírà 48 sọ ìkejì di púpọ̀, bílíọ̀nù 488 náà ni. Wọ́n kó agolo, wọ́n gbé kóńgò jáde. Kò sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí owó tó wọlé, kò sì sí èyí tó jáde.

Alhájà bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání níbẹ̀. Ó ní bí kò bá fi ohunkóhun kún nǹkan, kí ni wọ́n wá ṣe wàhálà rẹ̀ sí? Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi irú rẹ̀ ṣe ni pé ìpín tí owó rẹ̀ kéré gan-an máa ń jọ ọjà ẹ̀dínwó lójú àwọn tó lówó ńlá lọ́wọ́, wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ìpín bá wà ní náírà kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá péré tó bá fi yí, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, iye tó pọ̀ jù tí ọjà wa gba ìpín láyè láti fi gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ a máa fò bíi tata. Lójú tèmi, ojú ayé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ayé náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jà.

Òdìkejì rẹ̀ wà, òun náà sì ń tan èèyàn. Ilé-iṣẹ́ lè fún yín ní ìpín ọ̀fẹ́, ká ní ọ̀kan fún ẹni tó bá ní mẹ́rin. Ẹ ní mẹ́rin ní náírà 50, igba náírà nìyẹn. Ó di márùn-ún, ṣùgbọ́n igba náírà náà ni wọ́n máa pín sí márùn-ún, ìpín kan á sì sọ̀ kalẹ̀ sí náírà 40. Ẹni tí kò mọ̀ á jí láàárọ̀, á rí i pé ìpín òun fi náírà mẹ́wàá jábọ́, á pe alágbàtà, á ní kó bá òun tà á kíá. Mo ti gbé irú ìpè yẹn rí láago méje òwúrọ̀, ẹni náà kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí ó fi bínú tán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpín yín jábọ́ lóòótọ́ tàbí òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀, ohun méjì ni kí ẹ wò pa pọ̀. Ẹ wo iye ìpín tó wà lórúkọ yín, kí ẹ sì wo iye ilé-iṣẹ́ náà lọ́jà. Lójú ìwé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí NGX, ibi tí wọ́n kọ `Shares Outstanding` sí ni gbogbo ìpín tó wà níta, ibi tí wọ́n kọ `Market Cap` sí sì ni iye ilé-iṣẹ́ náà lọ́jà. Bí owó ìpín kan bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n tí `Market Cap` kò fi bẹ́ẹ̀ yí, òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Bí méjèèjì bá jọ wó lulẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ìdààmú. Ìkìlọ̀ kan ni pé àwọn ojú ìwé míì tí kì í ṣe ti NGX máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún iye ìpín kọ. Wọ́n á fi owó tuntun sọ ìpín àtijọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì gbé ilé-iṣẹ́ kan jáde tó fi ìlọ́po mẹ́rin tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe Alhájà gan-an ni, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Ibi kan wà tí iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà ti máa ń yí lóòótọ́ nígbà tí owó ìpín kan lè dúró sójú kan. Ìyẹn ni ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ta ìpín tuntun. Ní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí àwọn báńkì fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, bílíọ̀nù 500 náírà fún èyí tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ dé òkè òkun. ACCESSCORP, ilé-iṣẹ́ tó ni Access Bank, bá ta ìpín bílíọ̀nù 17.77 fún àwọn tó ti ní ìpín níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, náírà 19 àti kọ́bọ̀ 75 ni ọ̀kan, ẹni tó ní méjì láyè láti ra ọ̀kan. Owó tó wọlé tó bílíọ̀nù 351 náírà. Ìpín tó wà níta tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 35.5, ó wá di nǹkan bíi bílíọ̀nù 53.3.

Ká ní owó ìpín kan dúró sí náírà 19 àti kọ́bọ̀ 75 gbọin-gbọin, kò gòkè, kò sọ̀. Iye ilé-iṣẹ́ náà lọ́jà á kúrò ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 702 bọ́ sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù kan àti bílíọ̀nù 53. Ẹni tó ń wo owó ìpín kan nìkan á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun ńlá ló ṣẹlẹ̀. Gàárì tuntun ni wọ́n dà sínú ìsọ̀ báyìí, ó yàtọ̀ sí ti TRANSCORP tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Nínú gbogbo ìpín mẹ́ta tó wà níta lẹ́yìn náà, ọ̀kan jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá ní 1,000 tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò ra 500 tiyín, 1,000 náà ṣì ni lórúkọ yín, ṣùgbọ́n ìlú tí ẹ ti jẹ́ ọmọ onílé ti kún fún àlejò. Èrè tí wọ́n bá pín lọ́dún, ẹni tó máa jẹ níbẹ̀ ti pọ̀ sí i. Bí owó tuntun yẹn bá bímọ tó pọ̀ tó, kò ní dùn yín. Bí kò bá bímọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bílíọ̀nù 500 yẹn, torí mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò níhìn-ín pé báńkì kan kò ní ìṣòro nítorí pé iye rẹ̀ lọ́jà ti ju bílíọ̀nù 500 lọ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe iye lọ́jà ni Báńkì Àpapọ̀ ń wò. Owó tí àwọn èèyàn san wọlé fún báńkì náà nígbà tó ta ìpín rẹ̀ fún wọn lákọ̀ọ́kọ́ ni wọ́n ní kó tó bẹ́ẹ̀. Bí Alhájà bá ta ìpín rẹ̀ fún mi lónìí ní owó gọbọi, ọwọ́ Alhájà ni owó náà bọ́ sí, báńkì kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, kí àpótí owó ilé-iṣẹ́ náà wà bó ṣe wà.

Èyí ló gbé wa dé ibi tí nǹkan ti ń rú àwọn èèyàn lójú jù, àwọn tó ka ìwé náà sì wà nínú wọn. Kí ni iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà gan-an? Ṣé owó tó wà níbì kan ni? Rárá o. Owó tí wọ́n fi ta ìpín kẹ́yìn ni, tí wọ́n fi sọ gbogbo ìpín di púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé Alhájà ta kóńgò kan ní àárọ̀ yìí, tí mo wá fi owó kóńgò kan ṣoṣo yẹn díye lé gbogbo gàárì tó wà ní Ìpàta. Ìdíyelé gidi ni, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó san owó yẹn. Bí gbogbo onígàárì bá fẹ́ ta tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ṣé owó kóńgò àárọ̀ yẹn ló máa dúró?

Mo rántí ọdún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún náà, gbogbo ìpín tó wà ní ọjà wa jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 12.6 náírà. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi wà nísàlẹ̀ tírílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn èèyàn ń wá sí ọ́fíìsì wa, wọ́n ń béèrè ibi tí tírílíọ̀nù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà. Bàbá kan láti Òmù-Àrán jókòó tì wá títí ọ̀sán pọ́n, ó ní kí a dárúkọ ẹni tó kó o. Kò sí ẹni tó kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí kò fìgbà kan wà nínú àpò kankan. Ẹni tó tà ní oṣù kejì 2008 rí owó gidi gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àwa tó kù, owó kóńgò ẹlòmíì la fi ń díye lé àpò tiwa. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá náà dáadáa, kò sì tù ú nínú rárá.

Bí ìpín tó ń bọ́ sọ́jà bá ṣe kéré tó ni ìdíyelé yìí ṣe ń ṣe gbẹgẹdẹ tó. Ilé-iṣẹ́ tí Aliko Dangote dá sílẹ̀ ló ni ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìpín DANGCEM, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, kì í sì í tà á kiri. Díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ àwọn aráàlú ni wọ́n ń nájà, àmọ́ owó tí díẹ̀ yẹn bá dá ni wọ́n fi ń díye lé gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ní iye kan náà lọ́jà, kí ẹ tètè rí ẹni ra ìpín ọ̀kan lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì máa wá ẹni tó máa ra èkejì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó rà, ẹ wo iye ìpín tó ń tà lójúmọ́ pẹ̀lú.

Pẹ̀lú gbogbo àléébù iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà, òun náà ni rédíò ń fi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ọjà gòkè tàbí ọjà sọ̀. Àmì tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà wa bẹ̀rẹ̀ láti 100 ní oṣù kìíní ọdún 1984, bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe tóbi tó lójú ọjà ni agbára rẹ̀ lórí àmì náà ṣe tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ pé ọjà gòkè lónìí, kí ẹ wo ìpín ilé-iṣẹ́ márùn-ún tí ẹ ní, kí gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta ló gbé àmì náà sókè, ti yín kò sì sí nínú wọn.

Alhájà ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò ní wo owó ìpín kan mọ́. Mo ní rárá, ìyẹn náà ò ní dáa. Owó ìpín kan ni ẹ ó san bí ẹ bá fẹ́ rà, òun ni ẹ ó gbà bí ẹ bá fẹ́ tà. Òun ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ẹ jèrè láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Òun náà ni ẹ ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè ọdọọdún, nítorí orí ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ máa ń kéde èrè sí.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní náírà 40, ó sì ń pín náírà mẹ́rin lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà ní náírà 1,000, ó ń pín náírà 40. Létí, náírà 40 dùn ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 40 náírà, ìyẹn 40,000, wọ ọjà. Ti àkọ́kọ́ á fún yín ní ìpín 1,000, èrè rẹ̀ á jẹ́ náírà 4,000 kí ìjọba tó yọ owó orí tirẹ̀. Ti ìkejì á fún yín ní ìpín 40 péré, èrè rẹ̀ á jẹ́ náírà 1,600. Iye ilé-iṣẹ́ lọ́jà kò lè sọ ìyẹn fún yín tààrà. Owó ìpín kan àti èrè orí rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Àwọn méjèèjì tún ń bára wọn ṣiṣẹ́ níbi ìpín olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Tánkẹ́ tó ń fi fóònù ra ìpín ni pé, "Náírà méjì péré ni, ẹ̀gbọ́n, kí ló máa ná an láti di 20?" Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ná an. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní ìpín bílíọ̀nù 30 níta, náírà méjì túmọ̀ sí pé bílíọ̀nù 60 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jà. Kó tó dé náírà 20, ọjà gbọ́dọ̀ gbà pé ó tó bílíọ̀nù 600. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi ara yín pé kí ni wọ́n ń tà, ta ló ń rà á, èrè wo ni wọ́n ń jẹ, tí ẹnikẹ́ni á fi gbé bílíọ̀nù 600 lé e. Owó ìpín kan máa ń mú kí àlá rọrùn láti lá. Tí ẹ bá sọ ọ́ di iye gbogbo ilé-iṣẹ́, ẹ ó rí bí àlá náà ṣe tóbi tó.

Mo kọ ìlà ìṣirò yẹn sẹ́yìn ìwé alágbàtà fún Alhájà, pẹ̀lú 40.65 àti 10.16, kó lè fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá rí 48 náà. Ó ká a padà, ó fi sẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn. Oníbàárà kan dé, ó ní kóńgò méjì, ó sì ní kí Alhájà dín in kù fún òun, nítorí ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì ń ta tirẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún náírà.

"Agolo nìyẹn," Alhájà dá a lóhùn.